Fídíò kan ni mo gé sí mẹ́jọ, àwọn oníbàárà ní ó ti sú àwọn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aládìrẹ ni mí ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Mo gba ọ̀rọ̀ ìyá mi sílẹ̀ lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí a ń fi ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sí lára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró; ìṣẹ́jú 52 ni fídíò náà. Mo gé e sí mẹ́jọ, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sí TikTok, Facebook àti WhatsApp láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kẹta ni oníbàárà kan kọ̀wé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé láfún yìí náà la ó máa wò ni?"

Nígbà tí mo tún un wò, ìkíni kan náà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. Mo yọ ọ́. Ọ̀kan wá bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ̀kọ ti sán tí aró sì wọ inú iṣẹ́, òmíràn níbi tí ìyá mi ti ń bá mi wí. Ìyẹn ṣiṣẹ́ lórí TikTok, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígé fídíò ní òòró gé ọwọ́ màmá kúrò, ọwọ́ tí a fẹ́ wò gan-an! Fún WhatsApp, àwòrán kan àti ìlà méjì ni mo ń lò báyìí. Síbẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé mi níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ń ṣàròyé.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé kí ibì kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀ tí kò ní dé ibòmíràn, àbí kí apá kan náà dé ibi gbogbo, kí n kàn fi ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.