Àtúnrán owó tí kì í lékún: orúkọ wo ni ká fún un?

Atúmọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń dán áàpù ìsanwó wò. Ó ní kí wọ́n tún ìbéèrè owó rán bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kí wọ́n sì rí i dájú pé wọn ò yọ owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan. `idempotency` ni wọ́n pe ìwà yìí. Mo kọ "àtúnṣe aláìyípadà". Ṣé ó gbé e?

Akọ́mọlédè

Kò gbé e. "Àtúnṣe" ti lọ́kọ. Bí ẹlẹ́rọ bá gbọ́ ọ, ohun tó bàjẹ́ tí wọ́n tún ṣe ló máa gbà á sí. "Àtúnṣe aláìyípadà" wá dà bí iṣẹ́ mẹ́káníìkì tó gbowó tán tí ọkọ̀ ṣì ń yọ èéfín.

Àbá tèmi ni "àkọ̀kejì". Ó kúrú, ó sì dùn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé bí ìbéèrè kejì bá dé, kí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó parí.

Adánwò, Yábàá

Ẹ̀gbọ́n Akọ́mọlédè, mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ "kíkọ̀" yẹn gan-an ló máa kó wa sí wàhálà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjà kan. Oníbàárà ra aṣọ ₦18,500. Áàpù rán ìbéèrè sí sáfà wa, sáfà wa náà rán an sí iléeṣẹ́ tó ń yọ owó káàdì, wọ́n sì yọ ọ́. Bí èsì ṣe ń bọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Owó ti kúrò nínú àkáǹtì, áàpù ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, ó tún un rán. Tí ẹ̀rọ bá kọ èkejì yìí, ohun tí oníbàárà máa rí lójú fóònù ni pé owó kò wọlé. Kí ló máa ṣe? Á mú káàdì mìíràn jáde ni. Ó ti sanwó lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn, kíkọ̀ tí a kọ èkejì ló sì fà á.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ ṣe ni kí ó wo ìwé rẹ̀, kí ó rí i pé òun ti gba owó yìí, kí ó sì dá èsì àkọ́kọ́ padà fún un: owó ti wọlé, risíìtì kan náà, nọ́ńbà kan náà. Oníbàárà ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni áàpù òun béèrè.

Bí a ṣe ń dán an wò nìyí. A kì í lo báńkì gidi. A máa ń gbé sáfà ayédèrú síbi tí iléeṣẹ́ káàdì yẹ kó wà, òun ló ń ka iye ìgbà tí a ní kó yọ owó. A wá fi irinṣẹ́ bíi Toxiproxy sáàárín, ká lè gé okùn níbi tó wù wá. Ibi mẹ́ta la ti ń gé e: kí ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ ayédèrú, lẹ́yìn tó ti yọ owó ṣùgbọ́n tí sáfà wa kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀, àti lẹ́yìn tí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí èsì kò tíì dé fóònù. Ti ìkíní àti ti ìkẹta kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ti àárín ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìwé tiwa kò mọ̀ rárá pé owó ti jáde, nítorí náà ìwé iléeṣẹ́ káàdì nìkan ló lè gbà wá. Ìwé tiwọn náà kò sì lè gbà wá àfi bí àmì tí a fi rán àkọ́kọ́ bá wà lára èkejì. Àmì yẹn ni wọ́n ń kọ sí `Idempotency-Key`.

Ìyá Alágbàdo, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yín yìí ti ṣe mí rí. Oníbàárà mi kan ra àpò gàrí kan, ó sanwó lórí áàpù kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó ní òun á mú ìkejì fún ẹ̀gbọ́n òun, ó tún san iye kan náà. Áàpù ní owó ti wọlé. Àpò méjì lọ, owó àpò kan ni mo rí gbà! Èmi rò pé àwọn olè ni. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ lórúkọ nìyí? Ẹ sọ ọ́ ní "ìjẹgbèsè".

Adánwò, Yábàá

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Òdì kejì ọ̀rọ̀ wa lẹ mú wá, ó sì wúlò. Ẹni tó kọ áàpù yẹn ti ní láti rò pé bí iye owó bá dọ́gba, tí orúkọ bá dọ́gba, tí àkókò sì súnmọ́ra, ìbéèrè kan náà ni. Irọ́ ni. Ọjà méjì ni ẹ tà. Ọjà ni àmì náà ń tọ̀, kì í ṣe iye owó. Nítorí náà, ìdánwò wa gbọ́dọ̀ ní apá kejì: ra gàrí kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní iye kan náà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ayédèrú sì ka méjì. Ẹni tó bá dán apá kíní nìkan wò, ó lè kọ kóòdù tí kì í gbowó lẹ́ẹ̀mejì láéláé, kó sì máa jẹ ọlọ́jà lówó.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ dákun, èmi lo `Idempotency-Key` dáadáa, bí iléeṣẹ́ káàdì ṣe ní ká lò ó, síbẹ̀ ó ń gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn kì í ṣe òótọ́. Ẹ wo kóòdù mi:

```python
for i in range(3):
    key = uuid4()
    if charge(order, key):
        break
```

Adánwò, Yábàá

Àbúrò, wo ìlà kejì. Inú ìyípo lo ti ń ṣẹ̀dá àmì. Gbogbo ìgbà tó bá tún un rán, àmì tuntun ló ń fún un, ìbéèrè tuntun sì ni lójú wọn. Ìgbà tí oníbàárà bá fọwọ́ sí ọjà ni kó o ṣẹ̀dá àmì, kó o kọ ọ́ sínú dátábéèsì, kí ìyípo wá máa kà á láti ibẹ̀. Àmì tó wà nínú mẹ́mórì nìkan á bá sáfà lọ bí iná bá lọ.

Má sì fi èsì tó bá dé ṣe ẹ̀rí. Èsì méjì lè jọra wẹ́kú kí owó sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Lọ ka ohun tó wà nínú ìwé owó, kó o sì ka ti ayédèrú mọ́ ọn:

```sql
SELECT count(*) FROM charges WHERE order_id = 7731;
```

Ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, rán méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Tí o bá ń dúró kí èkíní parí kó o tó rán èkejì, kóòdù tó bàjẹ́ pàápàá máa yege. Tí wọ́n bá jọ dé, èkíní á wo ìwé, kò bá àmì. Èkejì á wò ó, kò bá àmì. Àwọn méjèèjì á yọ owó. Ohun tó ń dá a dúró ni pé kí dátábéèsì kọ àmì kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, *kí* ẹnikẹ́ni tó lọ yọ owó. Ẹni tí kò bá rí i kọ ló máa dúró de èsì ẹni tó rí i kọ.

Onímáàtì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Inú áljẹ́brà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Benjamin Peirce, ará Amẹ́ríkà, ló lò ó ní 1870 fún ohun tí ẹ bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀, tó ṣì jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ mú 1, ẹ fi 1 sọ ọ́ di púpọ̀, 1 náà ni. Nítorí náà èmi ò fẹ́ kí "owó" wọ orúkọ yìí rárá. Títan iná tó ti wà ní títàn náà wà níbẹ̀. "Àṣetúnṣe aláìléèlé" ló wù mí.

Ìyá Alágbàdo, Abẹ́òkúta

Èlé kẹ̀? Níbi tí ọ̀rọ̀ owó wà? Ẹ má ṣe é o. Wọ́n á ní báńkì yá wọn lówó láìgba èlé, gbogbo ọjà ló máa tò síbẹ̀.

Akọ́mọlédè

Òótọ́ ni Ìyá sọ. Mo sì gbà pé "àkọ̀kejì" kò tọ́, nítorí ẹ̀rọ kò kọ èkejì, ó ń dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ ká fi "aláìlékún" rọ́pò "aláìléèlé": "àtúnrán aláìlékún". Ohun tí kò lékún ni ohun tí ẹ ń kà nínú ìwé owó. Ẹni tó bá ka orúkọ náà ti mọ ohun tó máa lọ kà.

Àmọ́ Adánwò, ṣé kò sí ìgbà kankan tí ẹ̀rọ yẹ kó kọ̀?

Adánwò, Yábàá

Ó wà, sà. Bí àmì bá jẹ́ ọ̀kan ṣùgbọ́n tí owó ti yí padà, ká ní ₦18,500 ló kọ́kọ́ wá, tí ₦20,000 wá tẹ̀lé e, kí ó kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí Stripe, iléeṣẹ́ tó ń gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa ń fi ìbéèrè kejì wé àkọ́kọ́. A máa ń dán ìyẹn náà wò.

Ohun kan ló ṣì ń dí mi lọ́wọ́ nínú "aláìlékún": ó dún bíi pé títí ayé ni. Bẹ́ẹ̀ Stripe kan náà lè pa àmì rẹ́ bó bá ti pé wákàtí 24. Ìbéèrè tó sùn sórí ìlà lọ́jọ́ Jímọ̀, tó wá jí lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n lè kà á sí ọjà tuntun. Ìdí nìyí tí a fi ń ti aago ayédèrú síwájú ní wákàtí 25, ká sì wò ó bóyá sáfà wa máa kọ́kọ́ béèrè pé "ṣé owó ọjà yìí ti wọlé?" kó tó tún nǹkan kan rán. Ọ̀pọ̀ kóòdù ló ń ṣubú níbẹ̀.

Onímáàtì

Tó bá lè parí lẹ́yìn wákàtí 24, lójú tèmi, kì í ṣe ohun tí Peirce wí mọ́. Ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Akọ́mọlédè

Orúkọ kì í gbé gbèdéke dání. A ń pe páálí ìwọkọ̀ ní páálí ìwọkọ̀, ọjọ́ tó máa kú wà lára rẹ̀.

Atúmọ̀, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi "àtúnrán aláìlékún" sínú orí tó wà nípa owó, mo sì kọ wákàtí 24 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Orí tó tẹ̀lé e kò kan owó, ìmẹ́èlì tó ń lọ lẹ́ẹ̀mejì ni. Èmi ò tíì mọ̀ bóyá "àtúnrán" ni màá tún lò níbẹ̀ ni àbí "àṣetúnṣe" tí Onímáàtì mú wá. `Idempotency-Key` náà ńkọ́? Adánwò ń pè é ní àmì, iwájú ìwé tí mò ń túmọ̀ sì pè é ní kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ kò ṣí ilẹ̀kùn kankan.