Ṣé asọ̀rọ̀mágbèsì ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ojú omi?

Atúmọ̀ ìwé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ ìwé kan fún àwọn ọmọ girama, lórí bí rédíò ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé "ọkọ̀ náà fi asọ̀rọ̀mágbèsì ké sí èbúté." Olóòtú fi ìlà pa á rẹ́. Kí ni kí n fi rọ́pò rẹ̀?

Olùkọ́ èdè: Olóòtú yín rí i dáadáa. Ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn Marconi, aṣáájú nínú iṣẹ́ rédíò, gbé sínú ọkọ̀ atànmọ́lẹ̀ East Goodwin ní oṣù Kejìlá ọdún 1898 kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìka ni wọ́n fi ń tẹ àmì ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì ń gba èsì.

Ọkọ̀ yẹn kì í rìn. Wọ́n dá a ró sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì yanrìn abẹ́ omi létíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí iná rẹ̀ lè máa kìlọ̀ fún àwọn ọkọ̀ yòókù. Wọ́n ti gbìyànjú rí láti na wáyà abẹ́ omi dé inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí omi bá ti yí, ọkọ̀ á yí pẹ̀lú rẹ̀ nídìí ìdákọ̀ró, wáyà á lọ́, á máa ha, á já. Ní oṣù Kẹrin 1899, ọkọ̀ R. F. Matthews forí gbá East Goodwin nínú kùrukùru. Àwọn tó wà nínú East Goodwin tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé iná South Foreland létíkun pé kí ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà máa bọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì gbọ́. Ṣé ohun tó dúró gba èsì ni a ó máa pè ní mágbèsì?

"Tẹ wáyà" ni àbá tèmi. Ohun tí àwọn bàbá wa ń pe títẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì: Ẹ má bínú sà, ṣebí wáyà gan-an ni wọ́n yọ kúrò? Kò sí wáyà kankan nínú ẹ̀rọ yẹn. "Aláìníwáyà" ló yẹ ẹ́.

Atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì: Ọmọ mi, wáyà wà. Yàrá rédíò inú ọkọ̀ akẹ́rù ni mo ti ṣiṣẹ́. Wáyà gígùn là ń ta sókè láàárín òpó ọkọ̀, ìyẹn ló ń tú ìgbì náà sójú sánmà. Wáyà tó so ibì kan mọ́ ibòmíràn nìkan ló lọ.

Ohun tí gbogbo yín gbàgbé ni etí. Nígbà tiwa, aago yàrá wa ní àmì pupa níbi méjì, láti ìṣẹ́jú 15 sí 18 àti láti 45 sí 48. Tí ọwọ́ aago bá ti wọ ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ nǹkan kan lórí 500 kilohẹ́ẹ̀sì, ìgbì tí gbogbo ọkọ̀ ń tẹ́tí sí, àfi ẹni tó wà nínú ewu. Gbogbo wa á dákẹ́ jẹ́ẹ́, bóyá ọkọ̀ kan wà tí agbára ẹ̀rọ rẹ̀ ti fẹ́ tán, tó ń ké wúyẹ́wúyẹ́. Lóru ọjọ́ tí Titanic rì ní 1912, ọkọ̀ Californian sún mọ́ ọn ju ọkọ̀ Carpathia lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà nínú rẹ̀ ti lọ sùn. Carpathia ló gbọ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí gbígbọ́ wà nínú rẹ̀.

Ìyá kan láti Ìbàdàn: Ẹ jọ̀ọ́, rédíò ilé bàbá mi ní wáyà o! Ojú fèrèsé ló gbà wọlé, ó wọnú àpótí kan lára ògiri. Bọ́tìnì kan ló ní, tí a fi ń dín ariwo rẹ̀ kù. Ta ló ní rédíò ò ní wáyà?

Olùkọ́ èdè: Màmá, ẹ ṣeun, ibi tí mò ń lọ lẹ bá mi dé. Ní Èkó, ní 1935, ibùdó kan ló ń gba ètò BBC láti ojú sánmà, tó wá ń fi wáyà pín in káàkiri ilé. Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1939. Ìgbì ló la òkun kọjá, wáyà ló gbé e wọ yàrá. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, ogunlọ́gọ̀ ilé á gbọ́, bọ́tìnì kan ṣoṣo yẹn ò sì lè fèsì. Asọ̀rọ̀mágbèsì bá àpótí yín mu rẹ́gí. Ó tún bá rédíò alágbèéká mu, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ wáyà tí a lè gbé lọ sóko.

Ní ti "tẹ", mi ò yí ohùn padà, torí ìka ṣì ń tẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ náà kò sọ ọ̀rọ̀ wáyà nù. CQ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ibùdó lórí wáyà ni wọ́n gbé lọ sójú òkun. Ní 1904 ilé iṣẹ́ Marconi fi D kún un fún ìgbà ewu, ó di CQD, kí SOS tó gbòde.

Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì: Mo gbà pé wáyà wà lórí òpó. Ṣùgbọ́n sà, tí ọmọ girama òde òní bá ka "ó tẹ wáyà", á rò pé ẹnì kan fẹsẹ̀ tẹ wáyà iná, tí iná sì gbé e.

Atúmọ̀ ìwé: Òótọ́ ni, àbúrò mi pàápàá á rò bẹ́ẹ̀. Mo ti tún un kọ: "Ọkọ̀ náà tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ láìsí wáyà láàárín wọn, èbúté sì dá a lóhùn." Orúkọ ẹ̀rọ náà ló kù. Bàbá Atukọ̀, "agbọ́kèé" ńkọ́?

Atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì: Ó ní etí. Kò tíì ní ìka.