Fíìmù tí Màmá àgbà, ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 15 lè jọ wò ní Sátidé

Àbẹ̀kẹ́: Ní irú ilé báyìí, ọmọ tó kéré jù lẹ ó fi díwọ̀n ohun tí ojú máa rí. Màmá tí kò ka òyìnbó lẹ ó fi mú èdè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń yàn fún gbogbo ilé. Tí fíìmù bá ní àmì BBFC, àjọ tó ń fi ọjọ́ orí sí fíìmù ní ìlú ọba, U ni wọ́n kọ sí èyí tí ọmọ ọdún 4 sókè lè wò. PG ńkọ́? Ọmọ bí ọdún 8 sókè ni wọ́n ní lọ́kàn, torí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún ọmọ ọdún 6. Lọ́dọ̀ NFVCB, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní Nàìjíríà, G ni ti tọmọdé tàgbà.

Bàbá Tọ́lá: 12A náà dáa. Bí àgbà bá ti wà níbẹ̀, ọmọdé lè wò ó.

Kúnlé Pẹ́kámù: Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ọ̀nà sinimá nìyẹn wà fún. Ní ìlú ọba níbí, 12A ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tí kò tó ọdún 12 wọlé bí àgbà bá tẹ̀ lé e. Kò sọ pé fíìmù náà bá a mu. Nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde fún wíwò nílé, 12 lásán ni wọ́n máa ń kọ sí i.

Ìyá Ìbejì: Ọdún 3 làwọn tèmi, wọn kì í jókòó pẹ́. Kàtúùnù wo ló dáa fún wọn?

Àbẹ̀kẹ́: Ìyá Ìbejì, ti gbogbo ilé là ń sọ o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti wo tiwọn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Fíìmù Yorùbá orí YouTube ló gba àyẹ̀wò jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní àmì ọjọ́ orí kankan. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ò tó wò. Ẹ fọwọ́ kan ìlà pupa ìsàlẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti wo fíìmù náà, ẹ óò rí i tí nǹkan ga sókè-sódò lórí ìlà yẹn, "Most replayed" á sì hàn níbi tó ga jù. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ń padà lọ wò. Ó lè jẹ́ ijó, ó lè jẹ́ ìjà, ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wò ó, ẹ wo àárín, kí ẹ sì wo ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti èèmọ̀ sábà máa ń wà. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ sọ pé "Part 2" ń bọ̀ nígbà tí ìtàn ò tíì yanjú. Ẹni bá ti fi ìyẹn dá ọmọdé lóró rí mọ ariwo tó ń tẹ̀ lé e.

Alàgbà Sanyá: Kí ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ò lè kà á tán, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá ń kà á sókè fún Màmá ń bo ohùn eré mọ́lẹ̀ fáwọn yòókù. Èyí tí wọ́n ń sọ Yorùbá nínú ẹ̀, tí òyìnbó wà nísàlẹ̀ fún ọmọ ọdún 15, ló sàn. Ẹ wo Mokalik tí Kúnlé Afọláyan ṣe lọ́dún 2019. Ọmọ ọdún 11 kan ló lo odindi ọjọ́ kan ní ọgbà mẹkáníìkì. Ọmọ kékeré á rí ẹni tó máa tẹ̀ lé nínú ẹ̀, Màmá náà á sì dá irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò yára, ọmọ ọdún 15 lè kó sórí fóònù. Kí ẹ sì kọ́kọ́ gbọ́ àwàdà àwọn mẹkáníìkì náà fúnra yín.

Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe lọ́dún 1999 yàtọ̀. Òwe àti ìlù inú ẹ̀ á dùn mọ́ Màmá, ọmọ ọdún 15 á rí òṣèlú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn àti ìpànìyàn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 6 ti sùn.

Bàbá Tọ́lá: Ìbẹ̀rù díẹ̀ ò pa ọmọ. Ṣé kò sí iwin nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa ni?

Àbẹ̀kẹ́: Iwin inú àlọ́, ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń rò ó bó ṣe lè gbà á. Ti fíìmù, wọ́n ti yà á fún un pẹ̀lú ohùn.

Bàbá Tọ́lá: Èmi ò tíì gbà.

Kúnlé Pẹ́kámù: Ta ló máa wá mú ọ̀kan nínú ohun tí ẹ bá yẹ̀ wò?

Alàgbà Sanyá: Kí àgbà kan mú mẹ́ta tó ti yẹ̀ wò wá ní Jímọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan lè yọ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Tó bá ti ku ọ̀kan, ó parí. Kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ sọ tiwọn, kí Màmá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí bí Màmá bá ti sọ tiẹ̀, ta ló máa sọ pé rárá?

Bàbá Tọ́lá: Tí Màmá bá wá yọ èyí tí gbogbo wọn fẹ́ ńkọ́?

Alàgbà Sanyá: A jẹ́ pé ó ku méjì, ẹ̀gbọ́n.