Jáwọ́ kì í ṣe juwọ́ sílẹ̀

Káyọ̀dé kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mò ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ kan lórí ohun tí wọ́n ní ó máa ń ṣe èèyàn láàárín ọdún 40 sí 55, èyí tí wọ́n ń pè ní "midlife crisis" lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo pè é ní "ìdààmú agbedeméjì ayé". Ṣé ó bá a mu? Kí sì ni kí n pe kí èèyàn yí ohun tó ń lé láyé padà?

Mojí kọ:

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ìdààmú" síwájú. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Bí a bá ti pe nǹkan ní ìdààmú, a ti dájọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ohun tó dààmú èèyàn, ìta ló ti wá bá a, kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ túmọ̀, ẹni tó ń ṣe é ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo.

Ó pẹ́ tí mo ti ń túmọ̀ ìwé ìbéèrè fún àwọn onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá, mo sì mọ ibi tí orúkọ yẹn ti ṣẹ̀. Elliott Jaques, onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá kan, ló gbé e jáde ní 1965. Kì í ṣe irú èmi àti ẹ̀yin ló yẹ̀ wò. Àwọn ayàwòrán, akọrin àti akéwì ńlá bíi 310 ni, àwọn tí òkìkí wọn ti kàn káyé. Ó rí i pé ikú pọ̀ láàárín wọn ní ọmọ ọdún 35 sí 39. Mozart kú ní 35, Raphael kú ní 37. Ibẹ̀ ló ti so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìbẹ̀rù ikú. Ìtàn tó wá gbòde lẹ́yìn náà, ti ọkùnrin tó kọ ìyàwó, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó lọ ra ọkọ̀ pupa, orí ìpìlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Nígbà tí wọ́n wá bi àwọn èèyàn lásán léèrè ńkọ́? Ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995, MIDUS lorúkọ rẹ̀. Elaine Wethington bá àwọn tó lé ní 700 nínú wọn sọ̀rọ̀, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2000. Nǹkan bí 26 nínú 100 ló ní òun ti rí irú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó ní kí wọ́n rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń ro ti òbí tó kú, ìgbéyàwó tó túká, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́. Irú ìyẹn ń bá ọmọ ọdún 28 náà. Ọjọ́ orí kọ́ ló mú un wá.

Nítorí náà, ohun tí mo dábàá ni "àtúntò àfojúsùn".

Bàbá Olùkọ́ kọ:

Mojí ọmọ mi, o káre, o sì ṣe é dé ibi kan. Mo gbà fún ọ lórí "ìdààmú". Ṣùgbọ́n "tò" yìí ń yọ mí lẹ́nu. Nǹkan méjì, mẹ́ta, tó wà nílẹ̀ la máa ń tò. A máa ń to àga, a máa ń to ìgò. Ẹni tó fi ohun kan sílẹ̀ tó sì gbé òmíràn, kí ló tò?

Èkejì, "àfojúsùn". N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ. Ojú tó bá sùn, báwo ló ṣe fẹ́ rí ibi tó ń lọ? Bàbá mi àgbà kò sọ àfojúsùn rí títí tó fi wọlẹ̀ lọ. "Ohun tí mò ń lé" ló máa ń sọ. "Ìlépa" ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan. Ẹni tó pààrọ̀ ìlépa rẹ̀ ní 50, ó juwọ́ sílẹ̀ ni. Kí a pè é lórúkọ rẹ̀.

Àlàbá kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣé kì í ṣe ìgbà tí nǹkan oṣù bá dá dúró lẹ̀ ń sọ ni? Nítorí ọkùnrin ni mí, ó sì ṣe mí. Ní ọmọ ọdún 46, oṣù márùn-ún gbáko ni n kò fi sùn dáadáa. Ohun tí mo fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù mí mọ́. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní ọjọ́ orí ni, yóò kọjá. Kò kọjá. Ẹ má wá bá mi yọ "ìdààmú" kúrò nínú ìwé. Èmi mọ ohun tí ojú mi rí.

Mojí kọ:

Ẹ̀gbọ́n Àlàbá, mo bá yín kẹ́dùn, n kò sì ní yọ ọ̀rọ̀ yín kúrò. Rárá o, kì í ṣe nǹkan oṣù là ń sọ. Àmọ́ ẹ ti fi ìdí tí mo fi ń bínú sí orúkọ yẹn hàn ju bí èmi ṣe lè fi í hàn lọ. Kí èèyàn má sùn fún oṣù márùn-ún, kí ohunkóhun má wù ú, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìyẹn. Ó ní ìtọ́jú, ó sì lè mú ọmọ 20 àti arúgbó 70. Ìtàn "ọjọ́ orí ni" ló mú kí wọ́n fi yín sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tó oṣù márùn-ún.

Bàbá Olùkọ́, ẹ forí jì mí. "Sùn" inú àfojúsùn kì í ṣe ti oorun. Ti "fẹjọ́ sùn" ni. Ẹni tó fẹjọ́ sùn ọba kò fi ẹjọ́ náà sùn lórí ẹní, ó darí rẹ̀ sọ́dọ̀ ọba ni. Àfojúsùn ni ibi tí a darí ojú sí. Àmì ohùn kan náà ni, ìtumọ̀ ló yàtọ̀.

Lórí "tò", ẹ borí mi. Mo fi í sílẹ̀.

Àmọ́ juwọ́ sílẹ̀ ni n kò lè gbà. Ẹ wo "jù" àti "já". Ẹni tó ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ náà ṣubú, kò ṣiṣẹ́ mọ́. "Já" yàtọ̀. Okùn ló ń já, ohun tó so ọwọ́ mọ́ nǹkan ló já. Ọwọ́ ṣì wà lára ẹni, ó sì lè dáwọ́ lé òmíràn. Jáwọ́, dáwọ́lé: ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, a kò ní í dá a sílẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí gan-an nìyẹn. Ní 1990, Jochen Brandtstädter àti Gerolf Renner yẹ èèyàn 890 wò, ẹni ọdún 34 sí 63. Wọ́n béèrè nǹkan méjì: ṣé ẹni yìí máa ń rọ̀ mọ́ ohun tó ń lé bí ọ̀nà bá tilẹ̀ dí, àbí ó máa ń tún ohun tó fẹ́ ṣe kí ó lè bá ipò rẹ̀ mu? Bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, rírọ̀ mọ́ nǹkan ń dín kù, títún un ṣe ń pọ̀ sí i. Kò sí ọdún kan tí ohun gbogbo dojú dé. Nǹkan méjèèjì ló sì ń bá ìtẹ́lọ́rùn rìn, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé ìjuwọ́sílẹ̀ ni. Ibi tí ìwádìí náà mọ ni pé ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n wo gbogbo wọn. Wọn kò tẹ̀ lé ẹnì kan láti 34 dé 63.

Ìyábọ̀ kọ:

Mo kàn ń kà á lọ ni, "jáwọ́" yìí ló mú mi dúró. Èmi ń kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé fún ọdún 11. Ẹni tó ń tọ́ mi sọ́nà kì í dáhùn, orí ìwé kan lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ní ọdún kẹsàn-án, mi ò kọ gbólóhùn kan mọ́. Síbẹ̀ mò ń san owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún. Fáìlì rẹ̀, aláwọ̀ ewé, wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá ń gbálẹ̀ tí mo gbójú sókè báyìí, inú mi á bàjẹ́ títí di alẹ́. Ọmọ ọdún 47 ni mí nígbà tí mo kọ lẹ́tà pé mi ò ṣe mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà lálẹ́. Èmi ò mọ̀ bóyá mo jáwọ́ ni o, àbí mo juwọ́ sílẹ̀.

Mojí kọ:

Àǹtí Ìyábọ̀, ìtàn yín ti tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní 2003, Carsten Wrosch, Michael Scheier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwé ìbéèrè kan tó ní gbólóhùn 10. Mẹ́rin jẹ́ ti fífi ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́ sílẹ̀, mẹ́fà jẹ́ ti wíwá nǹkan tuntun lé. Ẹ wo mẹ́rin yẹn dáadáa: méjì ń béèrè bóyá èèyàn lè dẹ́kun akitiyan, méjì ń béèrè bóyá ó lè mú ọkàn kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ya ọwọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkàn.

Ọwọ́ yín ti kúrò ní ọdún kẹsàn-án. Ọkàn yín kò kúrò, òun ló ń san owó ìforúkọsílẹ̀. Ọdún méjì yẹn ló le jù, nítorí ẹ kò ṣe iṣẹ́ náà mọ́, ẹ kò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun wà, kó wo ohun tó ń ṣe é nígbà tó bá rí fáìlì rẹ̀, kì í ṣe ohun tó ń sọ fún aráyé.

Ìwé kíkà tí ẹ ń kọ́ èèyàn ńkọ́? Mo rò pé òun ni ẹ ń wá tẹ́lẹ̀, oyè jẹ́ ọ̀nà kan péré tó lọ síbẹ̀. Ọ̀nà já, ibi tí ẹ ń lọ kò já. Nínú àbọ̀ wọn, ìfisílẹ̀ máa ń mú kí ọkàn fúyẹ́, àmọ́ nǹkan tuntun tí èèyàn dáwọ́ lé ló ń bá rírí ìtumọ̀ láyé rìn. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, "ìjáwọ́" nìkan kò tó. Ó yẹ kí "ìmọ́kànkúrò" tẹ̀ lé e, kí "ìdáwọ́lé" sì kádìí rẹ̀.

Bàbá Olùkọ́ kọ:

Mo gba "jáwọ́". Mo ti ń sọ ọ́ fún ọdún 60, n kò yẹ inú rẹ̀ wò báyìí rí. Ṣùgbọ́n "ìmọ́kànkúrò" gùn jù, kò sẹ́ni tó máa fẹnu sọ ọ́ lọ́jà. N kò sì gba àfojúsùn. Ẹ fẹjọ́ mi sùn ẹni tó bá wù yín.

Káyọ̀dé kọ:

Ẹ ṣeun o. Mo ti pa "ìdààmú" rẹ́ ní àkọlé, mo fi í sílẹ̀ níbi tí àpilẹ̀kọ ti sọ̀rọ̀ àwọn tó rí irú ti Àlàbá. "Agbedeméjì" ńkọ́? Ta ló mọ ibi tí ayé òun máa parí sí, tó fi lè mọ ìdajì rẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Ìyábọ̀ kọ:

Mojí, fáìlì náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Inú mi kì í bàjẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ n kò tíì lè gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọkàn tó ti ń kúrò tí kò tíì kúrò tán, kí la ó pe ìyẹn?