Owó tó jáde ń bọ́ sí ojú owó tó wọlé, ẹ gbà mí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Sítétímẹ́ńtì báńkì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, ojú ìwé 40 tí wọ́n yà bí àwòrán, ni mo ń fi Tesseract kó sínú Excel. Owó tó jáde wà ní B, èyí tó wọlé ní C, àṣẹ́kù ní D. Ohun tí mo fi ń yẹ ìlà kọ̀ọ̀kan wò nìyí:

```
=ROUND(D2-B3+C3-D3,2)
```

Bí kò bá ti jẹ́ òdo, ẹ̀rọ ti ṣì í kà. Lánàá, a yọ 8,500 nínú 45,300, ó ku 36,800, àmọ́ ó ka 8 sí 3. Fọ́múlà gbé 5,000 jáde, mo sì rí i kíá.

Èyí tó sú mi ni pé àyè tó ṣófo máa ń pòórá, owó tó jáde á wá bọ́ sí C. 12,000 kan ṣe bẹ́ẹ̀, 24,000 ni fọ́múlà gbé jáde, ìlọ́po méjì gééré.

`tesseract oju1.png oju1 --psm 6 tsv` ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ `left`. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún làwọn owó yìí fara tì, 500 àti 150,000 kì í bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà. Ṣé kí n ro `left` pọ̀ mọ́ `width` ni? Bí bébà bá wá wọ́ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yà á ńkọ́?