Atẹ̀wé ti fi lẹ́tà ńlá àti àmì ba ewì bàbá mi jẹ́, kí ni kí n ṣe?

Akéwì Kúbwá: Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi. Mo kọ ewì fún ìrántí bàbá mi, ó wà nínú ìwé pélébé tí a fẹ́ pín ní ọjọ́ ìrántí náà. Atẹ̀wé kan níhìn-ín ní Àbújá gba owó lọ́wọ́ mi, kò gbé iṣẹ́ dé lọ́jọ́ tó dá, ìgbà tó sì gbé e dé, ó ti fi àmì síbi tó wù ú. Ó ní bí ilé ìwé ṣe kọ́ òun nìyẹn. Àbúrò mi ọkùnrin tilẹ̀ ń sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀! Ṣé kí n gba owó mi padà ni?

Ìyá Lúgbe: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Àwọn atẹ̀wé wọ̀nyí! Èmi ní tèmi, káàdì ìgbéyàwó ni, wọ́n kọ orúkọ ọkọ ìyàwó sódì. Ẹ gba owó yín.

Olùkọ́ Káàdúná: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ewì náà, bí ẹ ṣe kọ ọ́ àti bó ṣe tẹ̀ ẹ́. A kò lè dájọ́ ohun tí a kò rí.

Akéwì Kúbwá: Bí mo ṣe kọ ọ́ rèé:

bàbá lọ
ní òwúrọ̀ kùtù
òjò bẹ̀rẹ̀

ó di ọwọ́ mi mú
ó ṣí ilẹ̀kùn

Tirẹ̀ rèé:

Bàbá lọ.
Ní òwúrọ̀ kùtù,
Òjò bẹ̀rẹ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú.
Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ìlọrin: Ewì òde òní kì í ní àmì. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ọ̀rọ̀ tán.

Olùkọ́ Káàdúná: Àwọn kan ń lò ó, àwọn kan kì í lò ó. Ohun tí àmì ṣe níbí ni ká wò. Nínú tiyín, àǹtí, "ní òwúrọ̀ kùtù" dúró láàárín: ó lè jẹ́ ìgbà tí bàbá lọ, ó sì lè jẹ́ ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Òǹkàwé máa gbà á fún méjèèjì. Nígbà tí atẹ̀wé fi àmì ìdánudúró sí ẹ̀yìn "lọ", ó ti já òwúrọ̀ kúrò lára bàbá, ó fà á fún òjò. Bàbá kàn lọ ni, kò sí ìgbà kankan mọ́.

Akéwì Kúbwá: Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn!

Ìyá Lúgbe: Ta wá ni "Ó" yìí? Èmi rò pé òjò ló di ọwọ́ yín mú o.

Olùkọ́ Káàdúná: Ìyá Lúgbe kò jẹ̀bi. Atẹ̀wé ló pa àlàfo tó wà lẹ́yìn òjò rẹ́, "Ó" wá lẹ̀ mọ́ òjò. Àlàfo yẹn ló ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ òjò ti parí. Ẹ ní kó dá a padà. Irú èyí ti pẹ́ láyé. Emily Dickinson, akéwìbìnrin ará Amẹ́ríkà, kú ní 1886. Nígbà tí wọ́n tẹ ewì rẹ̀ ní 1890, wọ́n tún àmì rẹ̀ tò bó ṣe wù wọ́n, títí di 1955 kí ẹnìkan tó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́. Àmọ́ ẹ kò tíì dáhùn: ta ni "ó"?

Ọmọ Ìlọrin: Olúwa ni. Lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi kọ ọ́.

Olùkọ́ Káàdúná: Gbogbo ìlà ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ẹ̀gbọ́n. Kò fi ẹnì kan hàn.

Bàbá Súlèjà: Fóònù mi kì í gbé àmì ohùn jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i.

Akéwì Kúbwá: Àlùfáà wa máa kà á, gbogbo ìjọ máa kà á. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rò ó: bàbá ni, tàbí Ọlọ́run. Méjèèjì ni mo ní lọ́kàn.

Olùkọ́ Káàdúná: Háà. Ẹ kò sọ ọ́ látòní! Bó bá rí bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ńlá atẹ̀wé náà ń ṣe yín lóore. Bí ẹ bá fi "ó" kékeré sílẹ̀, àwọn ará ìjọ tó mọ̀ pé lẹ́tà ńlá ni Ọlọ́run máa ń gbà yóò gbà pé bàbá nìkan ni. Bí ẹ bá kọ "Ó" ńlá síbẹ̀ nìkan, Ọlọ́run nìkan ni. Ìgbà tí gbogbo ìlà bá fi ńlá bẹ̀rẹ̀ ni kò ní sí ẹni tó lè dá a mọ̀.

Ọmọ Ìlọrin: Èmi kò gbà o. Ewì ọ̀fọ̀ ni, lẹ́tà kékeré ló bá ohùn rẹ̀ mu. Lẹ́tà ńlá ń pariwo.

Olùkọ́ Káàdúná: Ìyẹn náà ní ìwọ̀n. Ẹni tó ni ewì ni kó yàn.

Akéwì Kúbwá: Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín mi látàárọ̀. Mo máa jẹ́ kí lẹ́tà ńlá dúró, kó dá àlàfo padà, àmọ́ n kò ní gba àmì ìdánudúró ẹ̀yìn "lọ" yẹn láéláé. Kọ́má náà kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí mo fún un.

Bàbá Súlèjà: Àmì ohùn mi ńkọ́?