Ẹ̀rọ ìránṣọ ni tàbí fóònù? Ẹ bá mi dá sí i

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣí ṣánẹ́ẹ̀lì lórí Yútúùbù, ọkàn mi sì pín sí méjì. Àwọn tó ń wá fídíò nípa fóònù tuntun pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì ńláńlá ló gba gbogbo iwájú. Wọ́n ń gba fóònù kó tó dé ọjà. Èmi á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọ́jú owó tí màá fi ra tèmi!

Títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ló wù mí jù. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ síbi ìwákiri, Yútúùbù ń dábàá "tó ń já òwú" àti "tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń ṣẹ́", tó fi hàn pé àwọn èèyàn ń béèrè. Ṣánẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí alátẹ̀lé rẹ̀ ò tó 1,000 ní fídíò òwú jíjá kan tí wọ́n ti wò ju ìgbà 60,000 lọ, ìbéèrè tí ẹnì kan ò dáhùn sì kún abẹ́ rẹ̀. Àmọ́ wọn ò wo èyíkéyìí nínú àwọn fídíò rẹ̀ yòókù ju ìgbà 300 lọ.

Ṣé ìyẹn fi hàn pé àyè wà, àbí oríire lásán ni? Ẹ̀rù mi ni pé ẹni tó bá ti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe tán kò ní padà wá mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe fídíò àtúnṣe, kí lẹ fi ń mú wọn dúró?